Bàbá ní kí n ta ṣíà òun, ₦15 ti di ₦12

Bàbá pè mí láti Mopa láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, wọn ò tiẹ̀ kí mi "ọ̀kún o" kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní "Ṣíà mi ti já o. Ta gbogbo ẹ̀ kó tó di òfo." Èmi wà ní Kàbà, fóònù mi ti fẹ́ kú, iná ò sí. Àti pé ẹ̀bi èmi náà ni, èmi ni mo fi áápù bròkà sórí fóònù wọn lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, wọ́n wá ń yẹ̀ ẹ́ wò lárààárọ̀ bí ẹni ń wo adìyẹ tó sàba.

Mo ní kí wọ́n fọwọ́ mú un ná. Mo ṣí i lórí fóònù tèmi. Lọ́jọ́ Fúráídè, ṣíà 2,000 ni wọ́n ní, ìkọ̀ọ̀kan ₦15, gbogbo ẹ̀ ₦30,000. Mọ́ńdè yìí, ₦12, gbogbo ẹ̀ ₦24,000, ó pupa fòò. Àyà tèmi náà kọ́kọ́ já, mi ò ní purọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n fura ni pé lórí NGX, ìyẹn ọjà tí wọ́n ti ń ta ṣíà ní Nàìjíríà, iye ṣíà kì í ju 10% lọ sókè tàbí sílẹ̀ lóòjọ́. ₦15 tí gbogbo ayé ń tà, ₦13.50 ló máa dúró sí. Èyí wá já 20%, ọjà ò tíì ṣí pàápàá. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn tà á, ẹnì kan ló yí iye ẹ̀ padà. Mo wá ìkéde ilé iṣẹ́ tó ni ṣíà náà, mo rí i pé wọ́n fẹ́ fún àwọn tó ní ṣíà wọn ní bónọ́ọ̀sì, ẹni tó bá ní mẹ́rin á gba ẹyọ kan sí i lọ́fẹ̀ẹ́, Mọ́ńdè yẹn gan-an sì ni NGX já iye owó ẹ̀ sílẹ̀.

Mo mú bírò. Mẹ́rin ní ₦15 jẹ́ ₦60. Mẹ́rin ti di márùn-ún, pín ₦60 sí márùn-ún, ₦12 géré. Ti Bàbá, 2,000 á di 2,500, ní ₦12, ó ṣì jẹ́ ₦30,000. Ká ní iye ẹ̀ dúró sí ₦15 ni, á di ₦37,500, ibo ni ₦7,500 yẹn á ti wá? Ilé iṣẹ́ náà ò rí kọ́bọ̀ wọlé, èrè tí wọ́n ti ń kó pamọ́ ni wọ́n kàn kọ láti ibì kan sí ibòmíì nínú ìwé wọn, wọ́n sọ ọ́ di ṣíà. Ẹni tó bá sì rà á lọ́jọ́ Mọ́ńdè ò ní gba bónọ́ọ̀sì yẹn, kí ló máa fẹ́ san ₦15 fún?

Bàbá ní "Níbo ni 500 yẹn wà nígbà náà?" Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí NGX já iye owó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ṣíà tuntun ò dé àkáǹtì wọn ní CSCS, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ṣíà gbogbo èèyàn sí, àfi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí réjísítíráà, ìyẹn àwọn tó ń kọ orúkọ àwọn tó ní ṣíà sílẹ̀, bá ti ṣètò ẹ̀, torí náà láàárín ìgbà yẹn áápù á máa fi ₦12 sọ 2,000 di púpọ̀, á máa pariwo òfo ₦6,000 tí kò sí.

Wọ́n bi mí bóyá ohun kan náà ni àwọn tó ń "sípílíìtì" ṣe. Àbájáde ẹ̀ jọra, ṣùgbọ́n ti sípílíìtì, ṣíà fúnra ẹ̀ ni wọ́n ń gé: èyí tí ìwé ilé iṣẹ́ kọ 50 kọ́bọ̀ sí lára, tí kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà, lè di méjì tó jẹ́ 25 kọ́bọ̀. Ti bónọ́ọ̀sì, 50 kọ́bọ̀ ṣì ni ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n kàn pọ̀ sí i ni. Ilé iṣẹ́ Nvidia ti Amẹ́ríkà ṣe sípílíìtì, wọ́n sọ ẹyọ kan di mẹ́wàá lóṣù kẹfà ọdún 2024, ṣíà tó lé ní $1,200 bọ́ sí nǹkan bíi $120, kò sẹ́ni tó sunkún.

Ohun tó tún yí padà ni iye tí Bàbá rà á. ₦10 ni wọ́n rà á nígbà yẹn, ₦20,000 lápapọ̀, pín in sí 2,500, ó di ₦8. Mo kọ ₦8 yẹn sẹ́yìn ìwé wọn, torí òun ni wọ́n máa fi mọ̀ bóyá wọ́n jèrè lọ́jọ́ tí wọ́n bá tà.

Nígbà tí 500 yẹn dé, iye ẹ̀ ti di ₦11.80. Bàbá tún pè: "₦29,500 ni mo rí o, ₦500 dà?" Mo ní "Ìyẹn, Bàbá, ọjà ló jẹ ẹ́."