Olùyẹ̀wò ní ọ̀rọ̀ yín ju ẹ̀rí yín lọ: bí a ṣe ń kọ lẹ́tà èsì

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Mo ti fi àpilẹ̀kọ kan ránṣẹ́ sí jọ́nà kan, lórí bí àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ṣe ń gbilẹ̀ n'Íbàdàn. Olùyẹ̀wò àkọ́kọ́ ní iṣẹ́ náà dára, kí n kàn tún àwọn gbólóhùn kan tò. Èkejì kọ ọ́ pé: "Òǹkọ̀wé sọ ju ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ lè gbé lọ." Olóòtú fún mi ní 60 ọjọ́ láti tún iṣẹ́ náà ṣe, kí n sì kọ lẹ́tà èsì tì í. Bí mo ṣe kọ lẹ́tà yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí. Mo ti yí àwọn iye inú rẹ̀ padà kí ìṣirò wọn lè rọrùn, Yorùbá ni mo sì fi kọ àwọn àpẹẹrẹ; èdè tí jọ́nà tiyín bá ń lò ni kẹ́ ẹ fi kọ tiyín.

Ẹ kọ́kọ́ gé ẹ̀sùn náà sí wẹ́wẹ́

Ẹ má dáhùn lọ́jọ́ tí ìmeèlì bá dé. Inú tó ń bí yín máa hàn nínú lẹ́tà, bó ti wù kẹ́ ẹ fi "ẹ ṣeun" bò ó tó. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ẹ da gbogbo ohun tí olùyẹ̀wò sọ sínú fáìlì mìíràn, kẹ́ ẹ wá máa gé e. Ìpínrọ̀ kan lè ru ẹ̀sùn mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan péré lojú wa máa ń rí, èyí tó dùn wá jù.

Ohun tí olùyẹ̀wò mi kọ rèé: "Òǹkọ̀wé ní ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ti gba ipò àwọn ìjọ àtijọ́ ní ìlú náà, ṣùgbọ́n ilé ìjọsìn ló kà, kò ka èèyàn. Kò sọ irú ìjọ tó ń pè ní Pẹ́ńtíkọ́sì. Àwọn tó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ọmọ ìjọ náà ni gbogbo wọn. Kó fi ìkànìyàn orílẹ̀-èdè ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn." Mẹ́rin nìyẹn. Mo fún wọn ní nọ́ńbà: 2.1, 2.2, 2.3, 2.4. Nọ́ńbà yìí ló máa tẹ̀ lé wọn dé ìparí lẹ́tà, kó má baà di pé ẹ dáhùn mẹ́ta, ẹ gbàgbé ẹ̀kẹrin. Èyí tẹ́ ẹ bá gbàgbé yẹn, òun náà ni olùyẹ̀wò máa kọ́kọ́ wá.

Kẹ́ ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ gbé ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan lé ẹ̀rí yín

Ibí yìí niṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ lẹ́tà tán kí wọ́n tó padà síbi dátà wọn, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà wọn fi máa ń dà bí àwíjàre.

Ẹ jẹ́ ká wo 2.1. Mo rí ilé ìjọsìn 12 ní àdúgbò kan ní ọdún tí mo fi bẹ̀rẹ̀, mo rí 36 lẹ́yìn ọdún 15. Mo wá kọ ọ́ pé ìjọ náà ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ká ní èèyàn 150 ló ń jọ́sìn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn 12 àkọ́kọ́, 1,800 ni gbogbo wọn. Ká ní 50 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn 36 ti ìsinsìnyí, 1,800 náà ló ṣì jẹ́. Ilé di ìlọ́po mẹ́ta, ẹyọ èèyàn kan kò kún un. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe àlá lásán nílẹ̀ wa. Ìjọ Ìràpadà tí gbogbo ayé ń pè ní Ridíìmù fi sínú àfojúsùn rẹ̀ pé kí ìjọ wà níbi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ní gbogbo ìlú. Ìjọ tó bá ní irú ètò bẹ́ẹ̀ á máa bí párìṣì lára párìṣì. Iye pátákó tó wà lójú títì á máa sọ bí ètò náà ṣe ń lọ fún wa, kò ní sọ iye orí.

Nǹkan mìíràn tún fara pamọ́ sínú 2.1. Ká tiẹ̀ ní èèyàn pọ̀ sí i, ìlú náà ń pọ̀ sí i. Ìkànìyàn 1991 kà nǹkan bíi mílíọ̀nù 89 ní Nàìjíríà, ti 2006 kà nǹkan bíi mílíọ̀nù 140. Ìjọ tó ní 1,000 ọmọ ìjọ ní 1991, tó wá ní nǹkan bíi 1,580 ní 2006, kò ṣe ju pé ó bá orílẹ̀-èdè rìn lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ìjọ kan ń gba ipò òmíràn, ìpín rẹ̀ nínú gbogbo èèyàn ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó ń ga. Èmi ò ní ìpín kankan lọ́wọ́. Olùyẹ̀wò gbà mí mú.

2.2 ló jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín ara mi, torí ọmọ ilẹ̀ Yorùbá ni mí, ó yẹ kí n ti mọ̀. Ṣé Pẹ́ńtíkọ́sì ni Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi, tó ti inú ìsọjí Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè Oòye, Iléṣà, ní 1930, jáde? Àwọn onímọ̀ kan á kà á mọ́ Aládúrà, àwọn mìíràn á kà á mọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn ọmọ ìjọ náà sì ní èrò tiwọn. Ridíìmù gan-an, Josiah Akíńdayọ̀mí tó dá a sílẹ̀ ní 1952, inú Kérúbù àti Séráfù ló ti jáde. Ibi tẹ́ ẹ bá fa ìlà sí ló máa pinnu bóyá ìdàgbàsókè yìí bẹ̀rẹ̀ láyé bàbá àgbà tàbí láàárọ̀ yìí. Mo ṣí tábìlì mi, mo rí i pé mo ka Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi mọ́ àwọn 36, n kò kà á mọ́ àwọn 12. Kí n tó dá olùyẹ̀wò lóhùn, mo ní láti tún gbogbo rẹ̀ kà. 36 di 31.

2.3 kò gba àkókò. Àwọn 40 tí mo bá sọ̀rọ̀, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti bá wọn pàdé. Àwọn tó ti kúrò kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ń lọ Áńgílíkà láàárọ̀ Sọ́ńdè, tí wọ́n tún ń lọ ìṣọ́ òru ní Kámpù Ridíìmù lọ́jọ́ Ẹtì, ìjọ méjèèjì ló ń kà wọ́n. Ohun tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mi lè sọ ni ìdí tí àwọn tó dúró fi dúró.

Ẹ tún àpilẹ̀kọ náà ṣe kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà

Nígbà tí wọ́n bá ní a sọ àsọdùn, ọwọ́ wa máa ń yá láti máa fi "bóyá" àti "ó jọ pé" há inú gbólóhùn. Olùyẹ̀wò mọ ìwà yẹn. "Bóyá ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ti gba ipò àwọn ìjọ àtijọ́" ṣì ń sọ ohun tí mi ò ní ẹ̀rí rẹ̀. Ó kàn ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìtìjú. Ohun tó yẹ ni kẹ́ ẹ dín ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé kù, títí tí ẹ̀rí fi máa lè gbé e, kẹ́ ẹ wá sọ èyí tó kù láìgbọ̀n.

Gbólóhùn mi àtijọ́: "Àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ti gba ipò àwọn ìjọ àtijọ́ n'Íbàdàn." Tuntun: "Ní àdúgbò tí a yẹ̀ wò, ilé ìjọsìn Pẹ́ńtíkọ́sì pọ̀ láti 12 dé 31 láàárín ọdún 15. Iye yìí kò sọ fún wa bóyá àwọn olùjọsìn pọ̀ bákan náà." Ẹ wò ó, kò sí "bóyá" kankan lórí ohun tí mo fojú ara mi kà. Orí ohun tí n kò kà ló wà.

Ẹ wá tọpa ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà káàkiri: àkọlé, àkékúrú, àlàyé abẹ́ tábìlì, ìparí. Inú àkékúrú ni àsọdùn pọ̀ jù sí, torí ibẹ̀ la ti ń fẹ́ kí iṣẹ́ wa dà bí erin.

Lẹ́tà náà fúnra rẹ̀

Ìpínrọ̀ kan sí olóòtú tó: ẹ dúpẹ́, ẹ sọ àtúnṣe tó tóbi jù ní gbólóhùn méjì, ẹ sọ ẹ̀dà tí nọ́ńbà ojú ewé tó wà nínú lẹ́tà ti wá. Èyí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ. Nọ́ńbà ìlà máa ń yàtọ̀ láàárín ẹ̀dà tí àmì àtúnṣe wà lára rẹ̀ àti ẹ̀dà tó mọ́, olùyẹ̀wò tó bá sì wá ìlà 212 tí kò rí i máa rò pé ẹ parọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ da ọ̀rọ̀ olùyẹ̀wò kọ lódindi, ẹ má gé e kúrú, ẹ fi èsì sí abẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣe àdàkọ gbólóhùn tuntun níbẹ̀ kí ó má baà máa ṣí ìwé kiri. Báyìí ni tèmi fún 2.1 ṣe lọ:

"Òótọ́ ni. Ilé ìjọsìn la kà, a sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ka èèyàn. A ti yọ gbólóhùn pé ìjọ wọ̀nyí 'gba ipò' àwọn ìjọ àtijọ́ kúrò nínú àkọlé, nínú àkékúrú àti ní ojú ewé 11. A tún àwọn ilé náà kà lẹ́yìn tí a ti sọ irú ìjọ tí a ń pè ní Pẹ́ńtíkọ́sì (ẹ wo èsì 2.2), iye náà sì wá sí 31. Ojú ewé 11, ìlà 208 sí 212, kà báyìí pé:" Gbólóhùn tuntun wá tẹ̀ lé e.

Kò sí "a rò pé olùyẹ̀wò kò lóye wa" níbẹ̀. Tí kò bá lóye lóòótọ́, àwa la kò kọ ọ́ yé e.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ dúró sí

Gbígba ohun gbogbo kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. 2.4 ní kí n lo ìkànìyàn, ohun tí kò sí ló sì ń béèrè. Ìkànìyàn Nàìjíríà ti 1963 béèrè ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ti 1991 àti 2006 kò béèrè rẹ̀. Ìwádìí ìlera àwọn ìdílé tí ìjọba ń ṣe láti ìgbà dé ìgbà ń béèrè, àmọ́ Kátólíìkì ló yà sọ́tọ̀, ó kó gbogbo Kristẹni tó kù sínú àpò kan. Pẹ́ńtíkọ́sì àti Mẹ́tọ́díìsì wà nínú àpò yẹn pọ̀, kò sí ẹni tó lè yọ wọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀, ẹ sọ ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ tún fi nǹkan mìíràn lélẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: "A dúpẹ́ fún ìmọ̀ràn yìí. Ìkànìyàn 1991 àti 2006 kò béèrè ẹ̀sìn, nítorí náà a kò lè fi wọ́n ṣe òṣùwọ̀n. A ti wo Afrobarometer, ìwádìí èrò aráàlú tó ń béèrè ìjọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lọ. Ṣùgbọ́n èèyàn bíi 1,600 sí 2,400 ló ń bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo Nàìjíríà lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó wà láti Ìbàdàn kò tó láti sọ nǹkan kan nípa àdúgbò kan, àwọn kan sì ń dáhùn pé 'Kristẹni' lásán. A ti fi èyí sínú àlàyé ààlà iṣẹ́ wa, ojú ewé 16." Olùyẹ̀wò gba èyí láìjiyàn.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fún ẹlòmíràn ní lẹ́tà àti àpilẹ̀kọ náà pọ̀, kó máa yẹ ìlérí kọ̀ọ̀kan wò sójú ewé tẹ́ ẹ ní ó wà. Èmi fúnra mi ni mo yẹ tèmi wò, mo sì rò pé ó ti tó. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni èsì kejì dé. Olùyẹ̀wò kejì gba gbogbo rẹ̀, ó wá fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀: "'Gba ipò' ṣì wà ní ojú ewé 19, gbólóhùn tó kẹ́yìn."