Omi gbígbóná, bíláǹkì àti erùpẹ̀ oko kan: ìrírí mi pẹ̀lú haidirómítà

Haidirómítà, ohun èlò tó ń léfòó nínú omi erùpẹ̀ láti fi hàn bí hóró inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ní kí n kọ ìdá 63.5 nínú 100 sílẹ̀ fún iyanrìn, nínú erùpẹ̀ tí mo bù wá láti oko ẹ̀gẹ́ kan lẹ́yìn Ìbàdàn. Nígbà tí mo da ohun tó wà nínú sílíńdà náà sórí asẹ́, tí mo fọ̀ ọ́ tí amọ̀ lọ, tí mo gbẹ ìyókù nínú ààrò tí mo sì wọ̀n ọ́n, ìdá 69 ni iyanrìn jẹ́. Erùpẹ̀ kan náà, sílíńdà kan náà. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá ibi tí ìdá márùn-ún àti àbọ̀ yẹn gbà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sá erùpẹ̀ náà sábẹ́ ibòji títí ó fi gbẹ. Mo fi ọmọ odó onígi tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, torí mi ò fẹ́ fọ́ òkúta di iyanrìn, mo sì jọ̀ ọ́ pẹ̀lú asẹ́ olójú mílímítà 2. Gíráàmù 50 ni mo wọ̀n. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ tá a sá sábẹ́ ibòji ṣì ní omi nínú. Nítorí náà mo gbé gíráàmù 10 mìíràn sínú ààrò ní dígírì 105 di ọjọ́ kejì, ó sì ku 9.8. Ìyẹn ni pé gíráàmù 49 péré ni erùpẹ̀ gbígbẹ tó wà nínú 50 mi, 49 yìí ni mo sì fi pín gbogbo ìṣirò tó tẹ̀lé e.

Oògùn tó ń tú erùpẹ̀ ká, sódíọ̀mù hẹkisametafọ́sìfétì, ni iṣẹ́ yìí rọ̀ mọ́. Gíráàmù 50 la máa ń pò sínú lítà omi kan, mílílítà 100 nínú rẹ̀ la sì ń dà sórí erùpẹ̀. Sódíọ̀mù á gba àyè kálísíọ̀mù lára amọ̀, hóró amọ̀ á wá máa ti ara wọn sẹ́yìn dípò kí wọ́n dì mọ́ra. Erùpẹ̀ pupa agbègbè wa le nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ìpẹtà irin tó wà nínú rẹ̀ ń lẹ hóró pọ̀ bíi gọ́ọ̀mù. Mo fi oògùn tó ti pẹ́ nínú ìgò ṣe àkọ́kọ́, kò sì tú. Kò pé wákàtí kan tí omi òkè fi mọ́ gaara, tí ìlà kan hàn ketekete láàárín omi mímọ́ àti ẹrẹ̀, tí ẹrẹ̀ sì ń bọ́ sílẹ̀ bí èéfọ́. Ẹni tó bá rí irú èyí kó má wulẹ̀ ka haidirómítà: amọ̀ ti dì mọ́ra, ó ń ṣubú bíi sílìtì, hóró tó wà láàárín iyanrìn àti amọ̀, tó máa ń dàbí ìyẹ̀fun bí a bá fi ìka rà á, kò sì sí àtúnṣe ìṣirò tó lè gbà á padà. Oògùn yẹn máa ń bàjẹ́ nínú omi díẹ̀díẹ̀ títí agbára rẹ̀ á fi tán. Mo po tuntun, mo rẹ erùpẹ̀ mìíràn mọ́jú, mo sì fi ẹ̀rọ pò ó fún ìṣẹ́jú 5. Omi rẹ̀ kò mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́.

Mo dà á sínú sílíńdà, mo fi omi kún un dé ìlà lítà kan, mo fi ọ̀pá ìpò gún un lókè nísàlẹ̀ títí kò fi sí erùpẹ̀ kankan nísàlẹ̀. Bí mo ṣe yọ ọ̀pá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò. Ní ìṣẹ́jú-àáyá 30, mo rọra tẹ haidirómítà bọ inú omi. Ní 40 mo kà á: 17.0. Tamómítà sọ pé omi wà ní dígírì 28. Ní 40 yìí iyanrìn ti sọ̀ kalẹ̀, sílìtì àti amọ̀ ló kù lókè. Lẹ́yìn wákàtí 2, nígbà tí sílìtì ti sọ̀ pẹ̀lú, mo ka 12.0 ní dígírì 29.

Bíláǹkì ló wá kàn. Sílíńdà kejì ni, mílílítà 100 oògùn kan náà tí mo fi omi kún dé ìlà lítà kan, láìsí erùpẹ̀ nínú. Oògùn fúnra rẹ̀ ń wúwo nínú omi, ó sì ń gbé haidirómítà sókè, a gbọ́dọ̀ yọ ìwúwo yẹn kúrò. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkíní lórí tábìlì kan náà, mo sì ń kà á lókè etí omi tó gun ọrùn haidirómítà, gẹ́gẹ́ bí mo ti ka ti ẹrẹ̀ tí ojú ò lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó jẹ́ 2.0 ní dígírì 28, ó sì jẹ́ 1.5 ní 29.

Ìwé ìṣirò tí wọ́n fún mi ní láàbù tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ní kí n yọ bíláǹkì, kí n sì tún fi 0.36 kún un fún dígírì kọ̀ọ̀kan tó bá ju 20 lọ, torí ní 20 ni wọ́n ti ṣe ìwọ̀n ara haidirómítà náà. Mo ṣe méjèèjì. Ibẹ̀ ni 63.5 ti wá.

Mo mú un lọ bá Màmá tó ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ náà. Wọ́n wo ìwé mi, wọ́n ní, “Kí ló dé tí bíláǹkì rẹ fi kéré tó báyìí?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kà á, mà.”

“Gbé e sínú báàkẹ́ẹ̀tì oníyìnyín, kó o tún un kà.”

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé dígírì 20, ó jẹ́ 5.0. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Bí omi bá gbóná, á fúyẹ́, haidirómítà á rì sí i, nọ́ńbà á sì dínkù. Láti 20 sí 28, ìdínkù náà jẹ́ 8 lọ́nà 0.36, nǹkan bí 2.9, bíláǹkì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín iye yẹn gan-an kù fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá yọ bíláǹkì tó kà nínú ooru kan náà ti ṣe àtúnṣe ooru tán. Bó bá tún fi 0.36 kún un, ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Mo wá ṣe ìṣirò tuntun, tí èyí òkè jẹ́ sílìtì pẹ̀lú amọ̀, tí ìsàlẹ̀ sì jẹ́ amọ̀ nìkan:

```
(17.0 - 2.0) / 49.0 x 100 = 30.6
(12.0 - 1.5) / 49.0 x 100 = 21.4
```

Iyanrìn jẹ́ 69.4, sílìtì 9.2, amọ̀ 21.4. Asẹ́ olójú máíkírónì 53 ti fún mi ní gíráàmù 33.8, ìyẹn 69.0. Wọ́n bára mu. Mo tún dán ọ̀nà kejì wò: mo yọ 5.0 tí mo kà ní dígírì 20, mo sì fi àtúnṣe ooru kún un. Amọ̀ jẹ́ 20.9. Ọ̀nà méjèèjì dára, ẹ kàn má pa wọ́n pọ̀.

Èyí tó burú jù ni kí èèyàn yọ 5 kó má sì fi ooru kún un. Amọ̀ erùpẹ̀ yìí ì bá di 14.3, a ì bá sì kà á sí ilẹ̀ oníyanrìn tí amọ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan, nígbà tó jẹ́ pé ó ti wọ ìsọ̀rí ilẹ̀ oníyanrìn tó lámọ̀ nínú, èyí tí amọ̀ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti 20. Àgbẹ̀ tó ń bi wá bí ilẹ̀ òun ṣe máa di omi mú á gba èsì tí kì í ṣe ti oko rẹ̀.

Nǹkan kan ṣì wà tí bíláǹkì kò lè tún ṣe. Omi gbígbóná ṣàn ju omi tútù lọ, hóró sì ń yára rì nínú rẹ̀, nítorí náà ohun tó kù lókè ní ìṣẹ́jú-àáyá 40 ní dígírì 28 kúnná díẹ̀ ju ohun tó máa kù ní dígírì 20 lọ. Asẹ́ ni mo gbára lé fún iyanrìn nítorí rẹ̀. Wákàtí 2 náà sì kéré fún amọ̀ gidi tí kò ju máíkírónì 2 lọ: sílìtì tó kúnná ṣì wà lókè nígbà yẹn, ó ń wọ inú iye amọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ amọ̀ pọ́nbélé gbọ́dọ̀ dúró fún bíi wákàtí 8 ó kéré tán. Mo kọ “amọ̀ ní wákàtí 2, bíláǹkì ní ooru kan náà” sẹ́gbẹ̀ẹ́ 21.4 nínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí olóko náà.