Àtẹ máàkì fún àròkọ lítíréṣọ̀: ẹ yé fi "ó jinlẹ̀" díwọ̀n ohunkóhun

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí kíláàsì girama àgbà gbé àtẹ máàkì rẹ̀ wá fún mi. Ó ti fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe é. Ó ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé líle, ẹ̀dà kan fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìlà rẹ̀ gún, àwọ̀ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á tán, n kò rí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tí yóò ran ènìyàn lọ́wọ́ láti mọ iye máàkì tó yẹ kí àròkọ gbà. Ó dùn mí, nítorí kì í ṣe òun nìkan. Ọdọọdún ni mo ń rí irú rẹ̀, owó ìtẹ̀wé àti oorun àsùnmọ́jú sì ń bá a lọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí kò yẹ kí a máa ṣe.

Àṣìṣe kìíní: kí ènìyàn mú àtẹ tí wọ́n fi ń máàkì ìdáhùn olójú-ewé kan, kó wá gbé e lé àròkọ ọ̀rọ̀ 1,500. Ìdáhùn kúkúrú kò ní àyè tí èrò ti lè dàgbà, àròkọ gígùn ní in. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè tí ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́.

Èkejì ni èyí tó ń bí mi nínú jù, n ó sì pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Òun ni kí a kọ ìpele mẹ́rin sílẹ̀ báyìí pé: "ìtúpalẹ̀ jinlẹ̀ gan-an", "ìtúpalẹ̀ jinlẹ̀", "ìtúpalẹ̀ jinlẹ̀ díẹ̀", "ìtúpalẹ̀ kò jinlẹ̀". Ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, "gan-an" àti "díẹ̀" nìkan ló ya ìpele kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Kí ló jinlẹ̀? Jíjìn rẹ̀ tó báwo? Olùkọ́ tó kọ ọ́ mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀, ẹlòmíràn kò lè mọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì lè mọ̀ rárá.

Irú àtẹ yìí ni èmi náà lò nígbà kan, ohun tó sì ti ibẹ̀ jáde kò kúrò lọ́kàn mi. Ìbéèrè wa dá lórí eré onítàn kan tí ọba inú rẹ̀ kọ etí ikún sí ìmọ̀ràn títí ó fi ṣubú. A ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ bí òǹkọ̀wé ṣe lo ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn láti fi ìṣubú náà hàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ báyìí: "Òǹkọ̀wé lo àmì-ìṣàpẹẹrẹ níbi tí ọba ti pe iná ní 'ẹrú mi'. Èyí jẹ́ kí eré náà fa ènìyàn mọ́ra." Nínú máàkì 10 fún ìtúpalẹ̀, mo fún un ní 4, olùkọ́ tí a jọ ń máàkì fún un ní 8. A jókòó, a fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú síra wa. Òun sọ pé ọmọ náà dá ọnà èdè mọ̀, ó pè é lórúkọ, ó fa ọ̀rọ̀ yọ, kí ló tún kù? Èmi sọ pé kò tíì sọ ohunkóhun nípa iná náà. Àwa méjèèjì ka àtẹ kan náà, àtẹ náà sì gbè sẹ́yìn ẹni méjèèjì. Ọ̀rọ̀ inú àtẹ ló jẹ̀bi. Ẹni tó sì jìyà rẹ̀ ni ọmọ tí máàkì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ìwé rẹ̀ bá bọ́ sí.

Bí a ṣe tún un ṣe ni pé a pa àtẹ tì, a kó àwọn àròkọ náà jáde, a wá wo ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ̀lú iná ọba yẹn. Àwọn kan kàn sọ ìtàn ni: ọba pàṣẹ kí wọ́n tan iná, iná kú, ọba kígbe. Àwọn kan dà bí ọmọ tí mo sọ yẹn, wọ́n dárúkọ ọnà èdè, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ lé e, ẹ lè gbé e lọ sórí ìwé mìíràn láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Àwọn kan mú ọ̀rọ̀ náà gan-an: wọ́n ní bí ọba ṣe pe iná ní ẹrú fi hàn pé ó gbà pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá wà lábẹ́ àṣẹ òun. Ọmọ méjì péré ló lọ síwájú jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ pé ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ọba pe iná ní "ẹrú mi", nígbà tó di ìparí, ó ń bẹ ọmọdé kan pé kó bá òun tan án. Iná kan náà ni, àṣẹ ló di ẹ̀bẹ̀, nítorí náà agbára ti kúrò lọ́wọ́ ọba kí wọ́n tó ṣí adé lórí rẹ̀.

Nígbà tí a tò wọ́n bẹ́ẹ̀, ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà nílẹ̀, kíkọ ló kù. Ìpele kìíní: ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìwé. Èkejì: ó dárúkọ ọnà èdè tàbí ó fa ọ̀rọ̀ yọ, ṣùgbọ́n àlàyé rẹ̀ lè bá ìwé mìíràn mu. Ìkẹta: ó mú ọ̀rọ̀ kan pàtó, ó sì ṣàlàyé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe níbi tó wà. Ìkẹrin: ó so ibi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ nínú ìwé, ó sì fi ohun tó rí níbẹ̀ ti èrò tí àròkọ rẹ̀ gbé kalẹ̀ lẹ́yìn. Kò sí "gan-an", kò sí "díẹ̀". Ohun tí ojú lè rí lórí ìwé la kọ. Ọmọ tó gba ìpele kejì lè ka ìkẹta kó sì mọ ohun tó yẹ kó ṣe nígbà mìíràn.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti àròkọ gígùn nìkan, tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Nínú ọ̀rọ̀ 1,500, akẹ́kọ̀ọ́ kì í dúró lójú kan. Ó lè wà ní ìpele ìkẹrin nínú ìpínrọ̀ kejì, kó padà sí kìíní nínú ìkarùn-ún nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́. Bí àtẹ yín kò bá sọ ohun tí a ó ṣe, olùkọ́ kan yóò máàkì ibi tó dùn mọ́ ọn jù, èkejì yóò máàkì ibi tó kà kẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ àtẹ pé ìpele tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìpínrọ̀ wà la ó mú, àti pé àwọn ìpínrọ̀ tó yọ sókè tàbí tó rẹlẹ̀ ni yóò sọ bóyá òkè tàbí ìsàlẹ̀ ìpele náà ni máàkì yóò wà.

Ẹ̀kẹta: kíka iye àyọlò. "Ó gbọ́dọ̀ fa ọ̀rọ̀ yọ ní ìgbà 6." Ẹ ó rí ìgbà 6 náà, ẹ ó rí i níbi tí kò ti ní iṣẹ́ kankan, nítorí ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ fẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti kí a fìyà ẹ̀ṣẹ̀ kan jẹ ọmọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo rí àtẹ kan tó ní òpó mẹ́rin, máàkì 10 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: èrò, ìtúpalẹ̀, ìtò, ìlò èdè. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ ìtàn dípò kó túpalẹ̀. Wọ́n já a wálẹ̀ lábẹ́ èrò pé ó ń sọ ìtàn, lábẹ́ ìtúpalẹ̀ bákan náà, lábẹ́ ìtò pé ó tẹ̀lé bí ìtàn ṣe lọ, lábẹ́ ìlò èdè pé kò lo èdè ìtúpalẹ̀. 4, 3, 4, 5. Ó gba 16 nínú 40, nígbà tí gbólóhùn rẹ̀ mọ́, tí àṣìṣe àkọtọ́ rẹ̀ kò sì ju méjì lọ. Àbùkù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ilé kan ṣoṣo. Sísọ ìtàn, abẹ́ ìtúpalẹ̀ ló ń gbé. Lábẹ́ ìtò, ohun kan ni mo máa ń wò: bí mo bá pààrọ̀ àyè ìpínrọ̀ kẹta àti ìkẹrin, ṣé nǹkan kan bàjẹ́? Bí kò bá bàjẹ́, ìpínrọ̀ wọ̀nyẹn kò gbé ara wọn dúró. Lábẹ́ ìlò èdè, bí gbólóhùn ṣe yé ni àti àkọtọ́, ó tán.

Èyí tó tẹ̀lé e ni pípín máàkì lọ́gbọọgba nítorí pé ó rọrùn láti ròpọ̀. Lórí àtẹ kan náà, ẹ mú ọmọ tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní èrò kan: 4 fún èrò, 3 fún ìtúpalẹ̀, 8 fún ìtò, 10 fún èdè. Ó jẹ́ 25. Ẹ wá mú ọmọ tó ronú jinlẹ̀ tí gbólóhùn rẹ̀ sì rí wúruwùru: 8, 8, 5, 4. 25 náà ni. Lítíréṣọ̀ la ń kọ́ wọn, a sì ti sọ pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Èmi ń fi 12 fún èrò, 16 fún ìtúpalẹ̀, 6 fún ìtò, 6 fún èdè. Bí a bá gbé àwọn ọmọ méjèèjì lé e, ti àkọ́kọ́ bọ́ sí nǹkan bíi 20, ti èkejì gòkè sí bíi 28. Bó bá jẹ́ pé èdè ni iṣẹ́ náà fẹ́ dán wò, ẹ yí i padà, ṣùgbọ́n ẹ mọ ìdí tí ẹ fi yí i.

Ẹ má fi máàkì 100 sórí òpó kan. Kò sí ẹni tó lè sọ ìyàtọ̀ 67 sí 68.

Ẹ má sì tẹ àtẹ jáde láì dán an wò. Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń wá àròkọ àtijọ́ mẹ́fà, mo ń bo orúkọ wọn, èmi àti ẹlòmíràn á máàkì wọn lọ́tọ̀ láì bá ara wa sọ̀rọ̀, a ó wá gbé máàkì náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, òpó sí òpó, kì í ṣe àròpọ̀ nìkan, nítorí àròpọ̀ lè bára mu kí inú rẹ̀ má bára mu. Bí a bá jìnnà síra lórí òpó kan ṣoṣo nínú ìwé púpọ̀, nígbà mìíràn tèmi ló ga, nígbà mìíràn tirẹ̀, ọ̀rọ̀ inú òpó yẹn ni kò yé, òun la ó tún kọ. Bó bá jẹ́ pé máàkì ẹnì kan ló máa ń lọ sílẹ̀ lórí gbogbo òpó, àtúnkọ kò lè wò ó: ọwọ́ onítọ̀hún ló le. Fún èyí, ẹ mú àròkọ kan fún ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí wọn, kí ẹ sì gbé wọn sórí tábìlì nígbà tí ẹ bá ń máàkì. Bí ó bá jẹ́ ìwé kan péré ló dá ìjà sílẹ̀, ẹ padà kà á. Ó lè jẹ́ ọmọ tó gba ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò rò, àtẹ kankan kò sì lè mọ irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ jókòó tì í, ẹ fún un ní ohun tó tọ́ sí i, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé náà.

Olùkọ́ tó wá bá mi yẹn ti padà lọ pẹ̀lú àròkọ mẹ́fà lábẹ́ abíyá. Ìwé líle rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì mi, ó ní òun yóò fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọ tuntun.