Bí A Ṣe Ń Ti Ímeèlì Pa: Ibi Tí Ààbò Ojú Ọ̀nà Parí Sí, àti Bí A Ṣe Ń Fi Kọ́kọ́rọ́ Tiwa Kún Un

Ọ̀pọ̀ ímeèlì tí à ń fi ránṣẹ́ lónìí ló wà ní títì lójú ọ̀nà, láìjẹ́ pé a ṣe nǹkan kan sí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni ibi tí títì náà parí sí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ọ́fíìsì lọ́yà àti sọ́fẹ́yọ̀ to kọ̀ǹpútà wọn l'Ábẹ́òkúta, láti Òkè-Ìlewó dé Pánṣẹ́kẹ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa ń bi mí: "Ṣebí wọ́n ní Gmail ń ti ímeèlì fúnra rẹ̀, kí la tún ń wá?"

Nígbà tí ẹ bá tẹ Send, lẹ́tà yín kì í lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí. Yóò kọ́kọ́ lọ sí sẹ́fà iléeṣẹ́ tó ń gbé ímeèlì yín. Sẹ́fà yẹn yóò fà á lé sẹ́fà ti onítọ̀hún lọ́wọ́, ibẹ̀ ni òun náà yóò ti fà á sórí fóònù rẹ̀. Ìlànà títì kan tí wọ́n ń pè ní TLS ló ń ti ìrìn kọ̀ọ̀kan yìí. Ẹ wò ó bí ẹrù tí mọ́tò gbé ní gáréèjì Kútọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn: bọ́ọ̀tù wà ní títì lójú ọ̀nà, àmọ́ bí mọ́tò bá ti wọ gáréèjì, wọn á ṣí i, wọn á sì kó ẹrù bọ́ sínú mọ́tò mìíràn. Olè ojú ọ̀nà kò rí nǹkan kan, ẹni tó wà ní gáréèjì sì rí gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, TLS ń gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ Waifai òtẹ́ẹ̀lì, àti lọ́wọ́ ẹni tó bá ń yọjú wo dátà yín láàárín ọ̀nà. Kò gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó ti wọ inú àpótí ímeèlì yín pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù tó jí. Lórí sẹ́fà, lẹ́tà náà wà ní ṣíṣí, bí ẹ ṣe kọ ọ́ gan-an.

Ààlà kan tún wà. Ọdún 1982 ni wọ́n tẹ ìlànà SMTP tí ímeèlì ń tọ̀ jáde, kò sì sí títì nínú rẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1999 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi STARTTLS kún un. Sẹ́fà tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ yóò bi èkejì bóyá ó lè ti ọ̀nà. Bí èkejì bá ní òun kò lè ṣe é, ọ̀pọ̀ sẹ́fà yóò kàn fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ ní ìhòòhò, wọn kò sì ní sọ fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ èyí tó wà nílẹ̀ wò

Kò pẹ́ rárá. Nínú Gmail lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí lẹ́tà kan, ẹ tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "to me". Bí ó bá kọ "Standard encryption (TLS)" síwájú "security", ọ̀nà wà ní títì. Èmi fẹ́ràn "Show original" ju ìyẹn lọ, torí ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí ìrìn kọ̀ọ̀kan:

```
Received: from mail.example.com (192.0.2.10)
        by mx.example.net with ESMTPS
```

S tó gbẹ̀yìn ESMTPS ni ẹ máa wò. Bí ó bá jẹ́ ESMTP lásán ni ẹ rí níbi tí lẹ́tà ti kúrò ní iléeṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, a jẹ́ pé wọn kò ti ọ̀nà yẹn. Bí ó bá jẹ́ láàárín ẹ̀rọ iléeṣẹ́ kan náà ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan.

Ẹ̀yin tí ọ́fíìsì yín ní orúkọ tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo bí wọ́n ṣe to ímeèlì náà sínú kọ̀ǹpútà. Gbígbà: pọ́ọ̀tù 993 pẹ̀lú SSL/TLS. Fífi ránṣẹ́: pọ́ọ̀tù 465 pẹ̀lú SSL/TLS, tàbí 587 pẹ̀lú STARTTLS. Níbi tí ẹ bá ti rí "None" síwájú "Connection security", ẹ yí i padà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ohun tí kọ́kọ́rọ́ tiwa ń fi kún un

Ká sọ pé lọ́yà kan l'Ókè-Ìlewó ń bá Alhája kan tó wà n'Ìbàdàn ra ilẹ̀ ní Ọbáńtokò. Olè ti wọ inú àpótí ímeèlì lọ́yà, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń kà. Lọ́jọ́ tí lọ́yà fi nọ́ńbà ààkáǹtì onílẹ̀ ránṣẹ́, olè náà kọ lẹ́tà kan náà láti inú àpótí kan náà: "Ẹ má bínú, ààkáǹtì tòní ni kí ẹ lò." TLS ti gbogbo ọ̀nà tí lẹ́tà olè yìí gbà. Àdírẹ́sì lọ́yà gan-an ló wà lórí rẹ̀, kò sí ohun tí Alhája lè fi mọ̀.

Nínú títì láti ọwọ́ olùkọ̀wé dé ọwọ́ olùkàwé, kọ̀ǹpútà lọ́yà ló ń ti lẹ́tà kí ó tó jáde, kọ̀ǹpútà Alhája nìkan ló sì lè ṣí i. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ méjì: ti gbangba tí ẹnikẹ́ni lè gbà, èyí tí a fi ń ti lẹ́tà sí i, àti ti ìkọ̀kọ̀ tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó ń ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ yìí náà ni lọ́yà fi ń bu ọwọ́ lu lẹ́tà. Olè tó ní páswọ́ọ̀dù ímeèlì nìkan kò ní rí ju `-----BEGIN PGP MESSAGE-----` àti wúruwùru lábẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ṣì lè kọ lẹ́tà, àmọ́ kò lè bu ọwọ́ lọ́yà lù ú. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí ni pé lẹ́tà tó bá ní nọ́ńbà ààkáǹtì, tí kò ní ìbuwọ́lù, a kì í sanwó lé e lórí.

"Confidential mode" inú Gmail kò ṣe iṣẹ́ yìí o. Ó ń dí ẹni tó gba lẹ́tà lọ́wọ́ láti dà á kọ tàbí tẹ̀ ẹ́ jáde, ṣùgbọ́n lórí sẹ́fà, iléeṣẹ́ náà ṣì lè kà á.

Ṣíṣe kọ́kọ́rọ́

Thunderbird, ètò ímeèlì orí kọ̀ǹpútà, ni mo ń lò, ọ̀fẹ́ ni, láti ọdún 2020 sì ni OpenPGP, ìlànà títì oníkọ́kọ́rọ́ méjì yìí, ti wà nínú rẹ̀, ẹ kò ní fi nǹkan mìíràn kún un. Ẹ fi ímeèlì yín sínú rẹ̀, ẹ lọ sí Account Settings, End-To-End Encryption, ẹ tẹ Add Key, ẹ ní kó ṣe tuntun. Ẹ fi ọjọ́ ìparí rẹ̀ sí ọdún mẹ́ta tó bá yín níbẹ̀. Ó tán. Orí láptọ́ọ̀pù tiyín ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe kọ̀ǹpútà káfè.

Lẹ́yìn náà ẹ ṣí OpenPGP Key Manager, ẹ tẹ File, ẹ yan "Backup Secret Key(s) To File", ẹ kó o sórí fláàṣì, ẹ fi páswọ́ọ̀dù tó gùn sí i, kí ẹ sì tọ́jú fláàṣì náà sílé. Bí láptọ́ọ̀pù bá bàjẹ́ tí ẹ kò ní fáìlì yìí, gbogbo lẹ́tà tí wọ́n ti ti sí yín ti lọ nìyẹn. Kò sí iléeṣẹ́ tí ẹ lè pè kó bá yín ṣí i.

Mo ti rí àwọn tó fi fáìlì ìkọ̀kọ̀ yìí ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí Wọ́sáàpù, wọ́n rò pé kọ́kọ́rọ́ gbangba ni. Kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ èyíkéyìí ránṣẹ́, ẹ fi Notepad ṣí i. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá ní PUBLIC KEY BLOCK, ẹ fi lọ. Bí ó bá ní PRIVATE KEY BLOCK, ẹ dá ọwọ́ dúró. Bí ó bá ti jáde, kọ́kọ́rọ́ yẹn ti bàjẹ́, ẹ ṣe òmíràn.

Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń bà á jẹ́

Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹni tí ẹ fẹ́ máa bá kọ̀wé, ẹ yan "Digitally Sign", Thunderbird yóò so kọ́kọ́rọ́ gbangba yín mọ́ ọn. Ẹni tó gbà á yóò tẹ OpenPGP lórí lẹ́tà náà, yóò sì gbé kọ́kọ́rọ́ wọlé. Thunderbird yóò wá bi í bóyá ó gba kọ́kọ́rọ́ yìí. Ibí yìí ni wọ́n máa ń yára yan "Yes" tí wọ́n á sì kọjá lọ.

Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣe kọ́kọ́rọ́ kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì lọ́yà sí i, kò sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Olè inú àpótí ímeèlì wa yẹn lè kọ̀wé sí Alhája pé, "Mo ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ mi, ẹ lo tuntun yìí." Bí Alhája bá gbà á, ìbuwọ́lù olè ni yóò máa jáde bí ojúlówó. Gbogbo làálàá ìṣáájú ti di asán.

Fingerprint ni ẹ máa fi mọ̀. Àmì ogójì tí a fi ń dá kọ́kọ́rọ́ kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn ni, bí irú èyí:

```
7C2E 91A4 D05B 3F68 E1B7 4A90 25CD 8F13 B6E2 07D9
```

Ẹ pe ara yín lórí fóònù, ẹ kà á. Nọ́ńbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà tó gbé kọ́kọ́rọ́ náà wá, torí olè lè fi tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ni kó pè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Ẹ bá mi ka ti orí kọ̀ǹpútà yín, èmi náà ń wo tèmi."

"Ẹ ṣeun, Alhája. Méje, C ti Calabar, méjì, E ti Èkó…"

B, C, D àti E máa ń jọra létí lórí fóònù, nítorí náà ẹ fi orúkọ ìlú tì wọ́n lẹ́yìn: B ti Bàdágìrì, D ti Dáúrà. Ẹ ka gbogbo ogójì. Àwọn kan máa ń ka mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn nìkan, kọ̀ǹpútà lásán sì lè ṣe kọ́kọ́rọ́ ayédèrú tí mẹ́jọ ìgbẹ̀yìn rẹ̀ bá tiyín mu. Ẹ má sì fi ímeèlì ránṣẹ́ pé "òun rèé", torí inú ímeèlì ni olè wà. Bí àmì kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ẹ yan "No, reject this key". Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, ẹ yan ìdáhùn tó sọ pé ẹ ti yẹ fingerprint wò fúnra yín. Kí ẹnì kejì náà yẹ tiyín wò bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà lọ, ẹ kàn ń tẹ Encrypt kí ẹ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ ni.

Ohun tí kò ní bò

Orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó gbà á àti àkókò ṣì hàn lórí sẹ́fà. Thunderbird ń bo àkọlé pẹ̀lú àmì "...", àmọ́ ètò mìíràn lè má bò ó, nítorí náà ẹ má kọ iye owó sí àkọlé. Bí Alhája bá ṣí lẹ́tà náà nínú Gmail orí fóònù, fáìlì encrypted.asc ni yóò rí. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́, orí láptọ́ọ̀pù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ni kó ti kà á.

Oníbàárà tó bá ní òun kò lè fi Thunderbird síbi kankan, 7-Zip ni mo ń fún un. Ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ẹ fi ìwé ilẹ̀ sínú fáìlì 7z, ẹ fi páswọ́ọ̀dù sí i, ẹ fi àmì sí "Encrypt file names", kí ẹ sì sọ páswọ́ọ̀dù náà fún un lórí fóònù. Ó ń bo ohun tó wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò ní ìbuwọ́lù, nítorí náà nọ́ńbà ààkáǹtì ṣì gbọ́dọ̀ ti ẹnu yín jáde kí wọ́n tó sanwó.

Bí ọdún mẹ́ta bá ń sún mọ́lé, ẹ má ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun. Ẹ sún ọjọ́ ìparí síwájú lórí èyí tí ẹ ní, kí ẹ sì fi ti gbangba ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Fingerprint kò ní yí padà, ẹnikẹ́ni kò sì ní tún un kà lórí fóònù.