Bí mo ṣe kọ Bio ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi tí kò fi ju lẹ́tà 150 lọ

Kí n tó tẹ lẹ́tà kan, ìbéèrè àwọn èèyàn ni mo kọ́kọ́ kà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Lágéré, nílé-Ifẹ̀ níbí, aṣọ obìnrin ni mo sì ń rán. Fọ́tò aṣọ tí mo ti rán kún ojú-ìwé mi lórí Instagram, ṣùgbọ́n lábẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ń pè ní Bio, tó yẹ kí àlejò ti ka ohun tí mò ń ṣe, òfìfo ni. Mo mú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà, mo ṣí àpótí ìránṣẹ́, mo sì ń kọ ohun tí kálukú bèèrè sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè náà kò pọ̀ ní oríṣi. “Níbo lẹ wà?” “Ṣé ẹ ń rán tọkùnrin?” “Mo wà ní Ìbàdàn, ṣé ó lè dé ọ̀dọ̀ mi?” “Ọjọ́ mélòó ló máa gbà?” Èyí tó gba gbogbo ilẹ̀ ni “Èló ni eléyìí?”, tí wọ́n á sì lẹ fọ́tò kan mọ́ ọn. Ìyẹn ni mo ronú lé lórí jù lọ, nítorí kì í ṣe owó nìkan ni ẹni náà ń bèèrè. Ó rí gáùn ankara lára ẹnì kan, ó rò pé ó wà lórí igi nínú ṣọ́ọ̀bù mi, pé kí òun sanwó kí n dì í fún òun. Èmi kò sì ta aṣọ rí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mò ń tà: oníbàárà á ra aṣọ rẹ̀ lọ́jà, á gbé e wá, èmi á wọ̀n ọ́n, màá gé e, màá rán an. Tí àlejò kò bá mọ èyí kó tó kọ̀wé sí mi, ọ̀rọ̀ tí a ó jọ sọ á ti pọ̀ kó tó yé òun pé òun ṣì ní láti lọ sọ́jà. Ẹlòmíì kì í tiẹ̀ dáhùn mọ́ níbẹ̀.

Nítorí náà, mo mọ iṣẹ́ tí Bio náà ní láti ṣe: kó sọ irú aṣọ tí mò ń rán, kó sọ pé oníbàárà ló ń ra aṣọ wá, ọjọ́ tó ń gbà, ibi tí mo wà, àti ibi tí èèyàn máa tẹ̀ tó bá fẹ́ ránṣọ. Mo yọ iye owó kúrò pátápátá. Bùbá ankara lásán àti bùbá léèsì tó ní láínì nínú kò lè jẹ́ iye kan náà, bẹ́ẹ̀ iye kan ṣoṣo ni ojú máa rí, òun náà ni wọ́n á sì dì mú. Fọ́tò kan ni mo kọ owó iṣẹ́ sí ní oríṣiríṣi, tí mo sì so mọ́ òkè ojú-ìwé. Instagram máa ń jẹ́ kéèyàn so mẹ́ta mọ́ òkè bẹ́ẹ̀, ó sì rọrùn láti pààrọ̀ fọ́tò nígbà tí owó òwú tàbí láínì bá gòkè.

Orúkọ ni mo kọ́kọ́ tún ṣe. Tí ẹ bá tẹ `Edit profile`, ẹ ó rí `Name` àti `Username`, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. `Username` ni orúkọ tó wà nínú àdírẹ́sì yín. `Name` ni èyí tó ń hàn ní dúdúdúdú lókè Bio, àwọn tó ń wá nǹkan lórí Instagram sì lè tipa ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ rí yín. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù nìkan ló wà nínú tèmi, ẹni tí kò mọ̀ mí rí kò sì lè ta á mọ̀. Mo fi `Tailor Ile-Ife` kún un láìfi àmì sí i, nítorí bí àwọn èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn tí wọ́n bá ń wá télọ̀. Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó fi pamọ́ o, torí ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń jẹ́ kéèyàn pààrọ̀ `Name` láàárín ọjọ́ 14. Bí mo sì ṣe ti fi ọ̀rọ̀ “télọ̀” síbẹ̀, mi ò ní í lò ó nínú Bio mọ́, àyè nìyẹn.

Àyè ni wàhálà Bio. Lẹ́tà 150 ni wọ́n fún wa. Kọ́mà wà nínú rẹ̀, àlàfo wà nínú rẹ̀, bíbọ́ sí ìlà tuntun pàápàá wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá olóhùn kọ ọ́ tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kò ní `ẹ̀` tàbí `ọ́` gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo. `ẹ` ni yóò kọ́kọ́ wà, àmì ohùn á wá gun orí rẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà ó lè jẹ àyè méjì. Mo fi àmì sí i síbẹ̀síbẹ̀. Ojú-ìwé Yorùbá tí kò ní àmì kì í dùn ún wò lójú mi.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí:

```
Aṣọ obìnrin: ìró àti bùbá, gáùn, aṣọ ẹbí
Ẹ mú aṣọ yín wá. Ọjọ́ 10, àsansílẹ̀ ìdajì
Lágéré, Ilé-Ifẹ̀. A ń fi ránṣẹ́ sí ìlú míì
Ẹ tẹ líńkì ìsàlẹ̀ yìí láti bèèrè lórí WhatsApp
```

Ó ju 150 lọ. Kí n tó gé e, mo gbé e lọ fún màmá tó ń ta òwú, síìpù àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, torí kò mọ nǹkan kan nípa Instagram, irú ojú tí mo sì ń wá nìyẹn. Mo ní, “Màmá, ẹ bá mi ka eléyìí, kí ẹ sọ ohun tí mò ń ṣe fún mi.” Wọ́n wọ dígí wọn, wọ́n kà á tán, wọ́n ní, “O ti ń tún aṣọ gbó ṣe ni? Àbí kí ni ‘ẹ mú aṣọ yín wá’?”

Wọ́n jàre. Ẹni tó bá ní aṣọ tó ti fún un lọ́rùn náà lè gbé e wá látàrí ohun tí mo kọ yẹn. Mo yí i padà sí “Ẹ ra aṣọ wá, a ó rán an.” Ìyẹn pa ìṣòro méjì pọ̀: aṣọ tuntun ni, oníbàárà ló sì ń rà á. Mo wá yọ àsansílẹ̀. Òótọ́ ni pé mi ò kì í fi ṣísọ́ọ̀sì kan aṣọ láìgba ìdajì owó, àmọ́ kò sí ẹni tó ń bèèrè àsansílẹ̀ kí ó tó mọ̀ bóyá mo ń rán irú aṣọ tí òun fẹ́. Mo gbé e lọ sínú ìkíni tí WhatsApp Business máa ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ sí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé, àti ìwọ̀n ara náà: àyà, ìbàdí, ìdí, èjìká, gígùn apá àti gígùn aṣọ, ní ínǹṣì. Ìlà tó gbẹ̀yìn náà, mo gé e kúrú, torí ẹni tó bá tẹ líńkì á kúkú rí i pé WhatsApp ni.

```
Aṣọ obìnrin: ìró àti bùbá, gáùn, aṣọ ẹbí
Ẹ ra aṣọ wá, a ó rán an. Ọjọ́ 10
Lágéré, Ilé-Ifẹ̀. A ń fi ránṣẹ́ sí ìlú míì
Ẹ tẹ líńkì yìí láti bèèrè
```

Ó wọlé, àyè díẹ̀ tiẹ̀ ṣẹ́kù. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, “Àǹtí, ẹ ò kọ ‘a mọ̀ ọ́n rán’ sí i.” Mo ní fọ́tò á sọ ìyẹn. Irú aṣọ ni mo fi sórí ìlà àkọ́kọ́ ní tìtorí pé ẹlòmíì kò ní ka ìlà kejì, ẹni tó bá sì ń wá agbádá gbọ́dọ̀ tètè mọ̀ kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Líńkì kì í gbé inú Bio fúnra rẹ̀, `Links` ni ẹ ó fi í sí. Tí ẹ bá kọ nọ́ńbà fóònù lásán sínú Bio, oníbàárà á ní láti dà á kọ, kó fi pamọ́ sórí fóònù rẹ̀, kó tó ṣí WhatsApp. Èyí tí mo lò yìí máa ń ṣí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tààrà, kódà tí ẹni náà kò bá ní nọ́ńbà mi:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Mo%20fe%20ran%20aso.%20Iru%20aso:%20%20Ojo:%20%20Ilu:
```

Ẹ fi nọ́ńbà tiyín dípò X yẹn. 234 ni ìbẹ̀rẹ̀ Nàìjíríà, kò ní àmì `+`, òdo tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà yín gbọ́dọ̀ kúrò. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ 080, 23480 ni yóò bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 234080. Tí òdo bá wà níbẹ̀, WhatsApp á ṣí, á wá sọ fún oníbàárà pé nọ́ńbà náà kò sí lórí WhatsApp, ẹ̀yin tí ẹ ni ṣọ́ọ̀bù kò sì ní mọ̀ láé pé ẹnì kan wá yín wá. `%20` dúró fún àlàfo. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn `text=` ni oníbàárà máa bá nínú àpótí rẹ̀ tí ó ti wà níbẹ̀: irú aṣọ, ọjọ́ tó fẹ́ lò ó, ìlú tó wà. Ó kù kó dí àlàfo náà, kó sì fi ránṣẹ́. Ibí yìí ni mo ti yọ àmì Yorùbá, nítorí nínú líńkì, `ẹ` kan á di `%E1%BA%B9`, gbogbo rẹ̀ á wá gùn láìnídìí.

Fóònù ọmọ iṣẹ́ mi la fi dán an wò, kì í ṣe tèmi. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ látinú ojú-ìwé mi bí àlejò, kó fọwọ́ sí ohun tó bá hàn sí i, kó fi ránṣẹ́. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ìkíni náà sì jáde sí i pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àsansílẹ̀ àti ìwọ̀n.

“Ọjọ́ 10” ni mo máa ń pààrọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀. Tí ọdún Ọlọ́jọ́ bá ń bọ̀, tí gbogbo ẹbí ń ránṣọ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí lóṣù Kejìlá, 21 ni mo ń kọ síbẹ̀, ẹni tó bá kánjú á sì lọ sí ibòmíràn kó tó gba àkókò mi. Ẹni tó wà ní ìlú míì, ọjọ́ tí aṣọ rẹ̀ bá dé gáréèjì níbí lèmi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, mo sì ti kọ ìyẹn sínú ìkíni pẹ̀lú.

Ìbéèrè “Èló ni eléyìí?” kò tán, àmọ́ ó ti dínkù, èyí tó pọ̀ báyìí ni “Mo ní yáàdì mẹ́rin, ṣé ó máa tó?” Àwọn ọkùnrin náà ṣì ń kọ̀wé, pẹ̀lú bí “aṣọ obìnrin” ṣe wà lókè gedegbe. Télọ̀ tó wà níwájú mi lódìkejì títì ni mò ń darí wọn sí, òun náà sì ń darí àwọn tó fẹ́ gáùn sí mi.