Bí mo ṣe kọ ímeèlì ìdúpẹ́ lẹ́yìn íńtáfíù iṣẹ́ olùtúmọ̀ ìròyìn

Ilé iṣẹ́ rédíò kan n'Íbàdàn ló ń wá ẹni tí yóò máa túmọ̀ ìròyìn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Ènìyàn mẹ́ta ló fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò: olótùú ìròyìn, ọ̀gá ètò, àti akọ̀wé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ímeèlì tí wọ́n fi pè mí, Yorùbá náà ni mo sì fi dúpẹ́. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi pè mí ni, Gẹ̀ẹ́sì ni ǹ bá fi fèsì.

Kí n tó wọ mọ́tò kúrò níbẹ̀ ni mo ti kọ nǹkan méjì sínú fóònù: orúkọ àti ipò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti ìbéèrè tí wọ́n bi mí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìbéèrè yẹn ló sọ ohun tí màá kọ. Mo lè kọ ọ́ pé ọwọ́ mi yá, tàbí pé mo mọ àmì ohùn í fi sórí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni olótùú béèrè ohun tí mo máa ń ṣe sí iye tó bá wà nínú ìròyìn, torí àwọn olùgbọ́ máa ń ṣàròyé pé nọ́ńbà kì í yé àwọn. Ọ̀rọ̀ iye yẹn nìkan ni mo mú. Ẹni tó bá to ohun mẹ́rin tó mọ̀ ọ́n ṣe sínú lẹ́tà kékeré kan, ẹni tó kà á kò ní rántí ọ̀kan.

Ohun tí mo kọ nìyí, lẹ́yìn orúkọ akọ̀wé náà:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin, olótùú ìròyìn àti ọ̀gá ètò, fún àyè tí ẹ fún mi lánàá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lórí iṣẹ́ olùtúmọ̀ ìròyìn.

Ọ̀rọ̀ tí olótùú sọ nípa iye inú ìròyìn kò kúrò lọ́kàn mi. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, èmi ni mo máa ń sọ iye di ohun tí etí lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìròyìn bá ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, 'akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú mẹ́rin' ni mo máa ń kọ. Bó bá jẹ́ 23, màá kọ 'ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú mẹ́rin', kó má baà di irọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí n tún túmọ̀ ìròyìn mìíràn fún yín, mo ṣe tán. Ẹ ṣeun, mà."

Orúkọ mi àti nọ́ńbà fóònù mi ló tẹ̀ lé e. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sí ìpínrọ̀ kejì ni "mo mọ iye í túmọ̀ dáadáa", àmọ́ ta ló fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni? Àpẹẹrẹ 25 àti 23 ló rọ́pò rẹ̀, olótùú sì lè fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Àdúrà mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ náà, mo yọ wọ́n. Àwa Yorùbá fẹ́ràn àdúrà, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà iṣẹ́, ẹ̀bẹ̀ ló máa ń jọ. Mi ò sì padà sórí ìbéèrè kan tí mi ò dáhùn dáadáa, torí bí mo bá ṣàlàyé rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa rántí rẹ̀.

Àmì ohùn ló gba àkókò jù. Bí olùtúmọ̀ bá kọ "ọkọ" síbi tó yẹ kó kọ "ọkọ̀", lẹ́tà náà ti ta ko ara rẹ̀ nìyẹn. Gboard ti Yorùbá ni mo fi tẹ̀ ẹ́, mo kà á sókè, mo sì kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ara mi kí n lè ṣí i lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Lórí kọ̀ǹpútà, àmì orí ẹ̀ àti ọ́ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó fà á ni pé lẹ́tà àti àmì jẹ́ nǹkan méjì tí kọ̀ǹpútà ń tò léra, àwọn irú lẹ́tà aláràbarà kan kì í sì í mọ̀ ọ́n tò. Mo dá a padà sí irú lẹ́tà tí ímeèlì náà ń lò fúnra rẹ̀, ó sì gún.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́rú ni mo fi ránṣẹ́. Reply ni mo tẹ̀ lórí ímeèlì tí wọ́n fi pè mí, kí lẹ́tà náà lè wà pẹ̀lú ìwé mi tó kù. Mi ò méfò àdírẹ́sì àwọn méjì yòókù. Akọ̀wé ló máa fi hàn wọ́n. Wọ́n ti sọ pé àwọn á kàn sí wa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí náà mi ò tún kọ òmíràn títí ọjọ́ náà fi pé.