Ẹ̀dọ̀fóró baba yìí tètè ń fẹ̀, kí ló wá dé tí kò lè mí?

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, yíà wọ́ọ̀nù ni mo wà ní nọ́ọ̀sì, Adó-Èkìtì níbí. Wọ́n ní ẹni tó ní ẹmfisíìmà, àìsàn tó ń ba àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kọ́ńpláyáǹsì ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ máa ń ga. Mo rò pé ìyẹn dáa ni, àmọ́ baba kan tí mo bá ní wọ́ọ̀dù ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń ká ètè jọ bí ẹni fẹ́ súfèé.

Ìdáhùn: Àbúrò, kọ́ńpláyáǹsì kàn ń sọ bó ṣe rọrùn tó kí ẹ̀dọ̀fóró fẹ̀ ni, kò sọ bóyá á padà. Pípadà yẹn ni ẹlásítíìkì ríkọ́ìlì. Fẹ́ atẹ́gùn sínú náílọ̀n búrẹ́dì, kíá ló ti fẹ̀, àmọ́ bó o bá gbẹ́nu kúrò, á kàn wà bẹ́ẹ̀ ni. Bàlúùnù ní tiẹ̀ á kọ́kọ́ bá ẹ jà, gbàrà tó o bá fi í sílẹ̀ báyìí, fùùù, gbogbo ẹ̀ ti jáde.

Fọ́múlà ẹ̀ nìyí: C = ΔV / ΔP. C ni kọ́ńpláyáǹsì, ΔV ni iye afẹ́fẹ́ tó wọlé, ΔP ni ìyàtọ̀ agbára tó mú ẹ̀dọ̀fóró fẹ̀, cmH2O la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀dọ̀fóró tó dá ṣáṣá máa ń gba nǹkan bíi 200 mL fún 1 cmH2O, torí náà mímí kan tó jẹ́ 500 mL, 2.5 cmH2O péré ló ná an. Ká ní ti baba yìí ti di 400, 1.25 ló yẹ kó ná an, ó dà bí ọ̀fẹ́, àbí?

Ibi tí wàhálà wà ni mímí síta. Tá a bá jókòó jẹ́jẹ́, a kì í fi agbára mí síta, ríkọ́ìlì ló ń ṣe é fún wa. Sìgá ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti jẹ ẹlásítíìnì baba yìí, ìyẹn okùn bíi rọ́bà tó wà lára àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké, àwọn okùn yẹn kan náà ló sì ń fa ọ̀nà afẹ́fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kó má baà pa dé, bí okùn ṣe ń fa kánópì òde ìnáwó. Tí okùn bá dẹ̀, kánópì á wó. Bó ṣe ń mí síta lọ̀nà ń pa dé, afẹ́fẹ́ há sínú, àyà ẹ̀ wá rí rogodo bí àgbá. Òmíràn tó fẹ́ fà wọlé, orí èyí tó há ló máa fà á lé, níbi tí ẹ̀dọ̀fóró ti nà tán tó ti le, ìyẹn ló jẹ́ kí mímí sínú náà wá nira, 1.25 tá a ṣírò yẹn ò wá ṣiṣẹ́ mọ́.

Ìbéèrè: Ṣé kí n ní kó má ká ètè jọ mọ́?

Ìdáhùn: Háà, má dán an wò o! Ètè tó ká jọ yẹn ń jẹ́ kí agbára afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣẹ́ kù sínú ọ̀nà yẹn, kò ní jẹ́ kó tètè pa dé. Ní kó fi imú fà á bó ṣe ń ka ení, èjì, kó fi ètè tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dé ẹẹ́rin, má jẹ́ kó fipá fẹ́ ẹ. Jẹ́ kó jókòó, kó tẹ̀ síwájú, kó gbọ́wọ́ lé tábìlì.

Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ le, bíi ti fàíbúrósíìsì tó ń sọ ẹ̀dọ̀fóró di àpá, òdìkejì ni: 50 lè ni tiẹ̀, 500 mL yẹn á wá ná an ní 10 cmH2O, ló ṣe máa ń mí kúkurú-kúkurú, kíákíá. Ti baba yìí, wo bí mímí síta ẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó.